Mílígíráàmù 5 Tó Kẹ́yìn Ló Le Jù: Ọ̀rọ̀ Lórí Bí A Ṣe Ń Sọ̀kalẹ̀ Lórí Pirẹdinisólóònù

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ìjókòó. Mo kí ẹ̀yin bàbá, mo kí ẹ̀yin ìyá, mo kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún bí ẹni tó fẹ́ sá lọ. Apòògùn ni mí o, èmi kì í ṣe dókítà, bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹni tó bá dé ojú wíńdò mi ló ń pè mí ní dókítà, mo ti bá wọn fà á títí ó ti rẹ̀ mí.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ n bi yín. Ta ló ti lo pirẹdinisólóònù, oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dì yẹn, rí nínú yín, yálà fún ásímà ni o, fún làkúrègbé ni o, fún àìsàn awọ ara ni o, fún kíndìnrín ni o? Ẹ nawọ́ sókè kí n rí i. Ẹ̀hẹ́n, ẹ pọ̀. Ẹ má tíì sọ ọwọ́ kalẹ̀. Nínú yín, ta ló dá a dúró fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí ò bi dókítà, tí ò bi nọ́ọ̀sì, tí ò bi apòògùn? Ẹ má tijú, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí. Ẹ bá mi wo ọwọ́ tó ṣì wà lókè. Ẹ ṣeun, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Nítorí ọwọ́ wọ̀nyẹn ni mo ṣe wá.

Ẹ jẹ́ n fi ìtàn kan bẹ̀rẹ̀, ìtàn tí èmi gan-an jẹ̀bi nínú ẹ̀.

Àǹtí kan wà, ó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, làkúrègbé mú un débi pé ìka ọwọ́ ẹ̀ wú, orúnkún méjèèjì wú, kò lè de bọ́tìnnì aṣọ ara ẹ̀. Dókítà kọ pirẹdinisólóònù fún un, 30 mílígíráàmù lójúmọ́. Hóró tó wà lọ́wọ́ mi, 5 mílígíráàmù ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí náà hóró 6 láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4. Mo ka oògùn, mo kọ ọ́ sára ike, "6 láàárọ̀". Ohun tí mi ò kọ ni ohun tó yẹ kó ṣe tí oògùn bá tán. Mi ò kọ ọ́, mi ò sì sọ ọ́ lẹ́nu, èrò pọ̀ lójú wíńdò lọ́jọ́ náà, mo sì ní dókítà á ti sọ fún un. Dókítà náà, ó ṣeé ṣe kó máa rò pé èmi ni màá sọ.

Àǹtí ò padà lọ rí dókítà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4. Kí ló máa lọ ṣe níbẹ̀? Ara ẹ̀ ti yá! Láàárín ọjọ́ mélòó kan ni ìka ẹ̀ ti rọ̀, ó ń rìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Tí oògùn bá tán á ní kí wọ́n bá òun rà sí i. Bó ṣe lò ó fún ọ̀sẹ̀ 11 nìyẹn, hóró 6 lójoojúmọ́. Ìgbà tó yá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ wá yọ roboto, oorun ò kùn ún lóru, ẹnì kan wá sọ fún un pé sítẹ́rọ́ọ̀dì lohun tó ń gbé mì yẹn o, kó tètè jù ú nù kó tó ba tiẹ̀ jẹ́. Ó jù ú nù. Lọ́jọ́ kan náà ló bọ́ láti hóró 6 sí òdo.

Ọjọ́ kìíní, kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ kejì, kò sí nǹkan kan, ó tiẹ̀ ń yangàn pé òun ti bọ́. Ọjọ́ kẹta, oríkèé bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ọjọ́ kẹrin, ó ń wẹ̀ lọ́wọ́, ó ní láti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bálùwẹ̀ kó tó lè wẹ̀ tán. Ọjọ́ karùn-ún, oúnjẹ ò wù ú, inú ń rìn ín. Gbogbo ará ilé sọ pé làkúrègbé ló padà dé. Ọjọ́ kẹfà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ara ẹ̀ gbóná. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, ó ti ń bì láti òru, ó ní kóun dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣubú lulẹ̀, tí wọ́n bá sì bá a sọ̀rọ̀ nǹkan mìíràn ló ń dáhùn.

Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin ló sáré wá bá mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún wa ní oògùn èébì àti ti ibà, Àǹtí ń bì." Mo ní, "Oògùn wo ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀?" Ó yọ ike òfo kan lápò, mo rí ìwé ọwọ́ ara mi lórí ẹ̀, "6 láàárọ̀". Mo ní, "Ìgbà wo ni wọ́n lò ó gbẹ̀yìn?" Ó ní ó ti tó ọjọ́ mẹ́jọ. Àyà mi já. Mi ò ta oògùn èébì kankan fún un. Bébà ni mo fà ya, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ó lo pirẹdinisólóònù 30 mílígíráàmù lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 11, ó dá a dúró lójijì láti ọjọ́ 8, ó ń bì, ó ṣubú. Mo ní ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn báyìí báyìí, bébà yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún wọn, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ ibà.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, bípì ẹ̀ jẹ́ 80 lórí 50. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ haidirokọ́tísóònù, sítẹ́rọ́ọ̀dì lòun náà, 100 mílígíráàmù lójú iṣan, wọ́n fa omi iyọ̀ àti ṣúgà sí i lára, wọ́n sì ń tọ́jú àkóràn àyà tó fa ibà yẹn lọ́tọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ó ti ń béèrè pé báàgì òun dà.

Ẹ gbọ́ nǹkan tó dùn mí jù. Ká ní wọn ò mú bébà yẹn dání, wọn ì bá rí obìnrin tó ní ibà tó ń bì, wọn ì bá sì máa tọ́jú ibà àti èébì. Bípì yẹn ì bá sì máa sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ kejì rèé: kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ara ẹ̀?

Lókè kíndìnrín wa kọ̀ọ̀kan, gílàǹdì kékeré kan wà níbẹ̀ tó dé e lórí bíi fìlà. Àwọn gílàǹdì orí kíndìnrín yìí ló ń ṣe nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní kọ́tísọ́ọ̀lù, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń ṣe é, ìdájí ni wọ́n ń ṣe é jù. Pirẹdinisólóònù tá à ń gbé mì yìí, ìbátan kọ́tísọ́ọ̀lù ni, inú láàbù ni wọ́n ti ṣe é, ó kàn lágbára jù ú lọ ni. Kí ni kọ́tísọ́ọ̀lù ń bá wa ṣe? Òun ni kì í jẹ́ kí òpó ẹ̀jẹ̀ dẹ̀ jù, kí bípì má baà wálẹ̀ pọ̀ọ́ téèyàn bá dìde. Òun ni kì í jẹ́ kí ṣúgà tán nínú ẹ̀jẹ̀ tá ò bá tíì jẹun. Tí àìsàn bá sì dé, tí ibà dé, tàbí tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fúnni, ara á ṣe é ní ìlọ́po láti fi gba ìjà. Ẹni tí ò ní in rárá, òtútù àyà lásán lè gbé e dè.

Àwọn gílàǹdì yìí kì í dá iṣẹ́ ṣe o. Wọ́n ní ọ̀gá. Ọ̀gá wọn wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, pitúítárì ni wọ́n ń pè é, kò tóbi ju hóró ẹ̀wà kan lọ, òun ló ń ránṣẹ́ sí wọn nínú ẹ̀jẹ̀ pé ó yá, ẹ ṣe kọ́tísọ́ọ̀lù wá. Òun náà sì ń fojú ṣọ́ ẹ̀jẹ̀. Tó bá rí i pé ó ti pọ̀ tó, á dákẹ́.

Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀. Kọ́tísọ́ọ̀lù tí ara àgbàlagbà ń ṣe lójúmọ́, tá a bá fi wé pirẹdinisólóònù, kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 4 tàbí 5 lọ. Hóró kan péré! Àǹtí ń gbé 6 mì. Kí lọ̀gá inú ọpọlọ máa rí? Á rí i pé ẹ̀jẹ̀ kún àkúnya, á dákẹ́, kò ní ránṣẹ́ lónìí, kò ní ránṣẹ́ lọ́la, kò ní ránṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 11. Gílàǹdì tí ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ sí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó ń gbẹ ní tòótọ́, ó ń rù. Kì í ṣe àpèjúwe. Ní 1952, àwọn dókítà kan kọ ìròyìn sínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn nípa ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń lo kọ́tísóònù, ìyẹn ẹ̀gbọ́n pirẹdinisólóònù, nítorí làkúrègbé. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, bípì ẹ̀ wálẹ̀, kò gòkè mọ́, ó kú. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú ẹ̀ wò, àwọn gílàǹdì náà ti súnkì.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe máa yé ọmọ kékeré. Ẹ ní ọmọ kan nílé tó máa ń pọn omi kún àmù láràárọ̀. Àlejò kan dé, alágbára, ó ń pọn ìlọ́po mẹ́fà. Ọmọ yín á ṣe kí ni? Á lọ sùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, ẹ lé àlejò lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọmọ ò tíì jí, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti rọ, kò rántí ọ̀nà odò mọ́, ẹni tó máa jí i pàápàá ti sùn lọ. Omi àná á gbé yín dé ọ̀sán. Lálẹ́ ńkọ́? Tí iná bá wá ṣẹ́ nílé lóru ọjọ́ náà ńkọ́?

Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì fi tan Àǹtí jẹ. Oògùn náà máa ń kúrò lára láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Àmọ́ gílàǹdì tó ti sùn, ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù, àwọn kan wà tó gbà tó ọdún kan kó tó jí tán. Àárín ìgbà tí oògùn lọ àti ìgbà tí gílàǹdì jí, ibẹ̀ ni ewu wà. Ẹni tó wà láàárín yẹn lè dà bí ẹni tára ẹ̀ le tó bá jókòó jẹ́ẹ́, ìgbà tí àkóràn bá dé lẹ máa mọ̀ pé kò sómi nínú àmù.

Kí n tó dé orí bá a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ẹ jẹ́ n yà díẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń bẹ̀rù nísinsìnyí. Gbogbo ẹni tó lo pirẹdinisólóònù kọ́ ló nílò àtẹ̀gùn o, ìyẹn kéèyàn máa dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹni tí ásímà ká mọ́, tí dókítà fún ní 40 mílígíráàmù fún ọjọ́ 5 sí 7, tí oògùn bá tán ó tán nìyẹn, gílàǹdì ò tíì ráyè sùn wọra. Ọ̀rọ̀ yí padà tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 3, tàbí tó bá ju 40 mílígíráàmù lójúmọ́ lọ fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ kan. Ó tún yí padà fún ẹni tó ń gba ọjọ́ 5 lónìí, ọjọ́ 5 mìíràn lóṣù tó ń bọ̀, ọjọ́ 7 lẹ́yìn ìyẹn, tó ń sọ pé òun kì í lò ó pẹ́. Ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ẹni tó ń lò ó lálẹ́ náà wà níbẹ̀, torí oògùn alẹ́ ló máa wà lójú ẹ̀jẹ̀ nídàájí nígbà tó yẹ kí ọ̀gá ránṣẹ́. Ìdí tá a fi ń sọ pé "láàárọ̀" nìyẹn, yàtọ̀ sí pé kì í jẹ́ kéèyàn sùn.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ kẹta, òun ni olórí ọ̀rọ̀: bá a ṣe ń sọ̀kalẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé àtẹ̀gùn yìí ọ̀nà méjì ni. Ó ní apá òkè, ó ní apá ìsàlẹ̀, nítorí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la sì ṣe ń rọra nínú wọn. Ní apá òkè, ìyẹn láti ibi tẹ́ ẹ wà títí dé nǹkan bíi 7.5 mílígíráàmù, oògùn tó wà lára ṣì ju ohun tí ara nílò lójúmọ́ lọ. Àmù kún. Nítorí àìsàn yín la ṣe ń rọra níbẹ̀, kí làkúrègbé má baà gbérí, kí kíndìnrín má baà bẹ̀rẹ̀ sí í jò padà. Níbẹ̀ a lè gbé ẹsẹ̀ gùn díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá wọ ìsàlẹ̀ 7.5, pàápàá ìsàlẹ̀ 5, oògùn ò ká ohun tí ara nílò mọ́, gílàǹdì ni kó bá wa fi ìyókù kún un. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀gá máa kọ́kọ́ rí àyè jí. Ibẹ̀ la ti ń rìn bí ìgbín.

Ṣùgbọ́n kí làwa èèyàn ń ṣe? A máa rọra lókè, tó bá wá ku hóró kan a ní "ṣebí hóró kan ló kù, kí ló wà nínú ẹ̀", a fò ó. Ẹ gbọ́ ìṣirò. Láti 30 bọ́ sí 25, ìdá kan nínú 6 lẹ yọ. Láti 10 bọ́ sí 5, ìdajì lẹ yọ. Láti 5 bọ́ sí òdo, gbogbo ẹ̀ lẹ yọ! Ẹ wò ó, hóró kan náà ni lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú yín hóró kan ni, lójú ara kì í ṣe nǹkan kan náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe hóró 1 mílígíráàmù. Tẹ́ ẹ bá ti dé 10, ẹ béèrè oní-1 lọ́wọ́ apòògùn yín, kẹ́ ẹ lè máa sọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oní-5 tó ní ìlà láàárín ṣeé dá sí méjì, ìyẹn 2.5. Èyí tí wọ́n fi nǹkan bò lára kó má baà yọ́ nínú ikùn, ẹ má dá a o, ẹ má sì lọ̀ ọ́.

Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀yin ọkùnrin ló yé jù.

Ẹ jẹ́ n fi ti Àǹtí hàn yín. Nígbà tó kúrò lórí abẹ́rẹ́, dókítà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ padà lórí 20 mílígíráàmù. Inú ń bí i, ó ní, "Oògùn tó fẹ́ pa mí lẹ tún fún mi!" Mo ní rárá o, ìsáré tẹ́ ẹ fi bọ́ sílẹ̀ ló fẹ́ pa yín. Ó lo 20 fún ọ̀sẹ̀ 2, ó lo 15 fún ọ̀sẹ̀ 2, 12.5 fún ọ̀sẹ̀ 2, 10 fún ọ̀sẹ̀ 2. Oṣù méjì nìyẹn, ó sì ti bọ́ ìdajì. Láti ibẹ̀ a yí padà sí oní-1, ó ń yọ ẹyọ kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì: 9, 8, 7, 6. Mo bá a fi bírò kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà, iye hóró tó máa lò wà nínú ojú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, tó bá ti lò ó á fagi lé e. Ìwé kàlẹ́ńdà yẹn ṣiṣẹ́ ju gbogbo ẹnu mi lọ. Ètò tiẹ̀ nìyẹn o, ẹ má gbé e lọ sílé lọ lò ó. Ẹni tó ti lò ó fún ọdún mẹ́ta lè wà lórí àtẹ̀gùn fún ọdún kan àtààbọ̀, ẹni tó lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lè tètè sọ̀. Dókítà tó mọ àìsàn yín ló ń kọ ètò.

Nígbà tó dé 5, ó dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4, wọ́n wá ṣe tẹ́ẹ̀sì. Tẹ́ẹ̀sì yìí, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà láàárín aago 8 sí 9 àárọ̀ láti wo kọ́tísọ́ọ̀lù tí ara fúnra ẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin ò ní lo oògùn àárọ̀ ọjọ́ yẹn títí wọ́n á fi gba ẹ̀jẹ̀ tán, kó tó wákàtí 24 sí ìgbà tẹ́ ẹ lò ó gbẹ̀yìn, torí ẹ̀rọ láàbù lè ka pirẹdinisólóònù mọ́ kọ́tísọ́ọ̀lù kó sì parọ́ fún yín pé gbogbo nǹkan dáa. Tẹ́ ẹ bá ti gbà á tán, ẹ lo oògùn yín kíá. Tí èsì bá ju 300 nánómólù ní lítà kan lọ, ọmọ ti jí. Tí kò bá tó 150, ó ṣì ń sùn. Tó bá wà láàárín, ó ti lajú àmọ́ kò tíì kúrò lórí ẹní.

Ti Àǹtí àkọ́kọ́ jẹ́ 130. Ó sunkún. Oṣù mẹ́rin ó lé! Dókítà ní kó jókòó sórí 5 fún ọ̀sẹ̀ 8 sí i, kò yọ nǹkan kan. Wọ́n tún un ṣe, ó jẹ́ 215. Ìgbà yẹn ló wá lo 4 fún ọ̀sẹ̀ 4, ó lo 3 fún ọ̀sẹ̀ 4.

Ẹnì kan ń nawọ́. Ẹ sọ̀rọ̀ mà. "Tí mo bá gbàgbé lọ́jọ́ kan ńkọ́?" Ẹ ṣeun. Tẹ́ ẹ bá rántí lọ́jọ́ náà, ẹ lò ó. Tó bá ti di ọjọ́ kejì, ẹ lo ti ọjọ́ kejì nìkan, ẹ má lo méjì pọ̀. Ọjọ́ kan kọ́ ló ń dáni kú. Oògùn tó tán lọ́jọ́ Ẹtì tẹ́ ẹ ní ẹ máa rà lọ́jọ́ Ajé, ìyẹn lẹ̀rù ń bà mí sí.

Ọ̀rọ̀ kẹrin, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀ jù: báwo lẹ ṣe máa mọ nǹkan tó ń ṣe yín lórí àtẹ̀gùn? Torí ẹ máa ní ìrora kan tàbí òmíràn, mi ò ní tàn yín.

Tó bá jẹ́ àìsàn àtijọ́ ló ń padà, ojú ibi tó ti ń jà tẹ́lẹ̀ náà lẹ máa rí i. Nígbà tí Àǹtí wà lórí 8, orúnkún ọ̀tún wú, ó gbóná lọ́wọ́, kò ṣeé ká láàárọ̀. Làkúrègbé nìyẹn. Dókítà dá a padà sí 9, ìyẹn ibi tó ti rọrùn fún un kẹ́yìn, ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i kó tó tún sọ̀. Tó bá jẹ́ gílàǹdì ni, kì í sí wíwú. Rírẹ̀ tí oorun ò lè wò ni, oúnjẹ ò wuni, inú ń rìnni, èèyàn ń rù, téèyàn bá dìde ojú á ṣú. Ẹ ní kí wọ́n wọn bípì yín lórí ìdùbúlẹ̀ kí wọ́n tún un wọ̀n lórí ìdúró, tí nọ́ńbà òkè bá já ní 20, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kẹta wà, òun ló ń rú àwa gan-an lójú: gbogbo ara á máa ro, ọkàn á rẹ̀wẹ̀sì, bẹ́ẹ̀ bípì dáa, tẹ́ẹ̀sì dáa. Ara tó ti mọ́ oògùn púpọ̀ lára ló ń ráhùn. Ìyẹn máa ń lọ tá a bá dúró díẹ̀ lórí ìgbésẹ̀ kan, àmọ́ ẹ má fúnra yín pinnu pé òun ni, torí ó jọ ìkejì púpọ̀.

Tí àìsàn mìíràn bá wá ká yín mọ́ lórí àtẹ̀gùn ńkọ́? Ẹ kì í sọ̀kalẹ̀ nígbà àìsàn, ẹ ń gòkè ni. Nígbà tí Àǹtí wà lórí 5, ibà mú un, dókítà ní kó lo 10 títí ibà á fi lọ, kó wá padà sórí 5. Ẹ béèrè tiyín sílẹ̀ kí àìsàn tó dé, ẹ kọ ọ́ síbi tẹ́ ẹ ti lè rí i. Tó bá wá jẹ́ èébì ni, tí hóró ò dúró nínú, ẹ má jókòó sílé ká máa gbìyànjú lẹ́ẹ̀kẹta, abẹ́rẹ́ ló kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹni tó dákú, ẹni tí inú ń run burúkú pẹ̀lú èébì. Ẹ gbé e lọ, gbólóhùn àkọ́kọ́ lẹ́nu yín ni "sítẹ́rọ́ọ̀dì ló ń lò".

Àsọyà kan tún rèé. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rifampísìnì fún yín, oògùn ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ yẹn, nígbà tẹ́ ẹ wà lórí pirẹdinisólóònù, ẹ sọ fún wọn. Ó máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè lọ pirẹdinisólóònù dànù. Hóró tẹ́ ẹ gbé mì ò yí padà, àmọ́ ohun tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ ti dín kù, ó wá dà bíi pé ẹ ti sọ̀kalẹ̀ láìmọ̀. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ni gbogbo wa fi ń wá ìdí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n parí ti Àǹtí kí n jókòó. Lẹ́yìn 3 mílígíráàmù wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó jẹ́ 340. Dókítà ní kó dá a dúró, ó sì ti kọ́kọ́ fún un ní oògùn mìíràn tó ń mú làkúrègbé dání. Ó lé ní oṣù mẹ́jọ ni gbogbo ẹ̀, fún oògùn tó rò pé òun lè bọ́ lọ́jọ́ kan. Ó mú hóró tó kù wá fún mi nínú ọ̀rá, kò fẹ́ rí i nílé mọ́. Mo gbà á. Mo wá fún un ní káàdì kékeré kan, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin yìí lo sítẹ́rọ́ọ̀dì, ọjọ́ tó dá a dúró rèé, tó bá dákú tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un láàárín ọdún kan sí i, ẹ ronú haidirokọ́tísóònù. Ó ní, "Ṣebí mo ti bọ́?" Mo ní ẹ ti bọ́ mà, ẹ kàn bá mi fi sínú báàgì. Ó wà níbẹ̀ di òní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà tó ti fagi lé tán.